Ṣíbí Mọ̀ríńgà Kan Kò Lè Lé Ìtọ̀ Ṣúgà Lọ

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ lè má tíì dé Uso tí yóò fi gbọ́ ohùn oníṣègùn inú ọkọ̀. Ọ̀rá ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni yóò nà sókè. Yóò ní mọ̀ríńgà ni, pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn pátápátá, àti pé kí ẹni tí ó bá rà á kó oògùn dókítà dànù. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó mú wa kọ̀wé lónìí. A kò bá ewé náà jà rárá, nítorí pé oúnjẹ gidi ni.

Àwọn Hausa, tí wọ́n ń pè é ní sógálè, ti ń bọ̀ ọ́ tipẹ́, tí wọ́n ń fi kúlíkúlí pò ó jẹ. Bí ewé náà bá gbẹ, omi inú rẹ̀ a lọ, èròjà rẹ̀ a sì kì pọ̀. Ibẹ̀ ni ìṣirò àwọn olùpolówó ti ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n ní kálíṣíọ̀mù inú ìyẹ̀fun náà, èyí tí ń mú egungun le, fi ìlọ́po mẹ́tàdínlógún ju ti mílíìkì lọ. Bí a bá gbé 100 gíráàmù ìkíní kejì sórí ìwọ̀n, òótọ́ ni: ìyẹ̀fun ní bíi 2,000 miligíráàmù, mílíìkì ní bíi 120. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ 100 gíráàmù ìyẹ̀fun ewé? Ṣíbí ìjẹun kan kò ju nǹkan bí 8 gíráàmù lọ, kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ kò sì ju bíi 160 miligíráàmù lọ. Ife mílíìkì kan tí ó wọn 200 gíráàmù ní bíi 240. Ife mílíìkì ju ṣíbí ewé lọ nìyẹn. Síbẹ̀, ilé tí kò rówó mílíìkì kò ní fojú kéré 160. Ní ti fítámì C tí wọ́n ní ó ju ti ọsàn lọ, ewé tútù ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Bí a bá ti sá a gbẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ.

Ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì lóòjọ́ tó fún àgbàlagbà. Kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí fi ṣíbí tíì kan bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ a máa ṣu ènìyàn. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti sọ ọbẹ̀ tàbí ògì kalẹ̀ lórí iná ni kí a tó dà á sí i. Abẹ́ ibòji ni a ń sá a sí, kì í ṣe etí ọ̀dà títì níbi tí èéfín ọkọ̀ ń bà lé e. Èyí tí ó bá ti pọ́n bí ewé gbígbẹ inú igbó, tàbí tí ó ń rùn bí ohun tí ó bu, kò yẹ ní jíjẹ. Kí aláboyún má sì fọwọ́ kan gbòǹgbò àti èèpo igi náà rárá.

Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, a ti dán ewé náà wò lára ènìyàn. Ní àgọ́ àwọn Saharawi tí ogun lé dé ilẹ̀ Algeria, àwọn olùwádìí fi 20 gíráàmù ìyẹ̀fun sínú oúnjẹ àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà 17. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn oúnjẹ náà kò ga tó ti ọjọ́ tí wọn kò fi ewé sí i. Ṣùgbọ́n 20 gíráàmù ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ, adùn rẹ̀ kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Thailand, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2017, àwọn alárùn 32 tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn ni a kó jọ. A fún apá kan nínú wọn ní 8 gíráàmù ewé lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Èyí tí ó ṣiṣẹ́ ran oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́. Èyí tí ó pẹ́ díẹ̀ kò yí nǹkan padà. Kò sí ìwòsàn nínú méjèèjì.

Báwo wá ni ẹlẹ́rìí ṣe pọ̀ tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ní Uso ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀ kí ó tó jẹun, ẹ̀rọ ka 210. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ní kí ó dín ẹ̀bà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù. Àna rẹ̀ ra mọ̀ríńgà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ ka 140, mọ̀ríńgà sì gba gbogbo ìyìn. Bàbá pa oògùn tì. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ó ṣe pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ewé ni. Pẹ̀lúpẹ̀lù, 140 kì í ṣe ìlera: láti 126 lọ sókè ni a ń ka ènìyàn sí alárùn náà. Àyẹ̀wò òwúrọ̀ kan, ìròyìn òwúrọ̀ kan ni. Èyí tí ó ń sọ ìròyìn oṣù méjì sí mẹ́ta ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní A1c. Kí ó béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ kí ó tó fi oògùn sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń lo oògùn, tí ó sì fẹ́ máa jẹ ewé náà, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí pé ṣúgà lè wálẹ̀ jù. Òógùn a bò ó, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a dàrú. Kí wọ́n tètè fún un ní omi ṣúgà mu bí ó bá lè gbé e mì. Ọmọ tí ó ń fi abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì gbé ẹ̀mí ró kò gbọdọ̀ fò ó, ìbáà ṣe ọjọ́ kan.

Olùtajà yóò fi nọ́ńbà NAFDAC hàn yín. Kí ẹ yí ọ̀rá náà padà. Lára irú oògùn ìbílẹ̀ tí àjọ náà kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ óò rí i kà níbẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.