"Ajá tó lé ológbò": níbo lọmọdé ti rí i?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé ọdún mẹ́ta àbọ̀. Lọ́jọ́ kan, nílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó yẹ inú àpò mi wò, ó ní, "Búrẹ́dì tí mọ́mì rà dà?" Odidi ẹ̀yán aláwẹ́-gbólóhùn ló sọ yẹn o! Ta ló kọ́ ọ?

Àwọn onígírámà onídàrọ, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀yìn Chomsky, á ní ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, wọ́n bí ìlànà rẹ̀ mọ́ ọn ni. "Búrẹ́dì" kúrò ní ipò àbọ̀, ó bọ́ síwájú, ó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn "rà". Àwọn tó gbà pé inú ìlò ni èdè ti ń wá á ní ó ti gbọ́ irú rẹ̀ títí ni. Diessel àti Tomasello (2000) rí i pé lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, irú "èyí ni ọmọ tó ń..." ló máa ń kọ́kọ́ jáde, èrò kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Lórí ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ẹ̀yìn àwọn onílò ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ẹ fi "ajá tó lé ológbò" wé "ajá tí ológbò lé". Ìkejì ló ń fa wàhálà. Friedmann, Belletti àti Rizzi (2009) ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń sọ Hébérù: orúkọ tó ṣí nípò, "ajá", ní láti fo orúkọ mìíràn bíi tirẹ̀, "ológbò", kọjá. Tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò bá sí láàárín, ó máa ń rọrùn fún wọn. Ti búrẹ́dì yàtọ̀ ní tiẹ̀, ìtumọ̀ ń ran ọmọ lọ́wọ́: búrẹ́dì kì í ra mọ́mì.

Yorùbá gan-an ló lè là wọ́n níjà. Nínú "ajá tó lé ológbò", kò sí àlàfo. "Ó" ló jókòó sípò olùwà, tó wọnú "tí" di "tó", kì í sì í yí padà bí ajá tilẹ̀ pọ̀: "àwọn ajá tó lé ológbò". Tó bá jẹ́ pé gbígbọ́ lásán lọmọ fi kọ́ ọ, a jẹ́ pé "tó" jẹ́ ẹyọ kan fún un, bíi "ló" inú "ta ló mú un?" Ó lè wá ṣì í sọ pé "ajá tó ológbò lé". Tó bá jẹ́ òfin "ṣí i kúrò, fi àlàfo sílẹ̀" ló ń tẹ̀ lé, àṣìṣe tirẹ̀ á jẹ́ "ajá tí lé ológbò". Èyí tó bá ń jáde léraléra ni ẹ̀rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mo yàwòrán ajá kan àti ológbò kan fún ọmọ náà, mo ní kó fi ajá tí ológbò ń lé hàn mí. Ó kàn ń wò mí. Ẹ̀bi mi ni: ajá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kí ni mo tún ń fi ẹ̀yán yà á sọ́tọ̀ fún? Hamburger àti Crain ti sọ èyí láti 1982, pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ọmọ tó gbọ́n dà bí òmùgọ̀. Mo fi ajá kejì kún un, èyí tó ń lé ológbò. Kíá ló na ìka sí èyí tó tọ́, ó wá bi mí pé, "Kí ló jí?"