Ẹ Má Fi 5% Tàn Wá Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹjọ́ yìí fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi. À ń ṣe géèmù kan tí èèyàn á ti máa wa dánfó láti Ìdí-Àràbà lọ sí Ojúẹlẹ́gbà. Tẹ́ ẹ bá gòkè ìpele kan, ẹ ó gba pọ́íntì kan, ẹ ó sì fi ra ìmọ̀ tuntun lórí igi ìmọ̀, níbi tí ẹ̀ka kan ti ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ sórí gbogbo ẹ̀ka ni "eré +5%". Mo ní rárá o. Ìrìn tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 100 á di bíi 95, àmọ́ ní ìpele tó kàn, géèmù náà á dín àkókò wa kù sí 95. Ojú kan náà la ṣì wà! Nígbà tó bá sì máa fi parí, dánfó gbogbo wa á rí bákan náà.

Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí náà ti bá a pàdé. Ní 2012, Blizzard yọ igi àtijọ́ kúrò nínú World of Warcraft, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ò ju àfikún kékeré lọ, àwọn tó ń ta á sì kàn ń da ohun tí ẹlòmíì ti ṣírò kọ. Wọ́n ní kéèyàn máa mú ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ní 2022, wọ́n tún dá igi padà. Igi fúnra ẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi, ohun tí wọ́n so kọ́ ọ ni.

Ni mo bá so méjì kọ́ tiwa: ẹ mú ọ̀nà ẹ̀yìn tàbí kọ̀ndọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 70, títì ń gba 100. Mẹ́jọ nínú yín bá wa ta á, méje mú ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí yíyàn níbẹ̀ rárá, torí èrò 14 ni ọkọ̀ méjèèjì ń kó. Mo wá ní ẹni tí kò ní kọ̀ndọ́ á máa rí èrò 10 péré. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 700, ọ̀nà ẹ̀yìn á rìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á kó 100. Kọ̀ndọ́ á rìn lẹ́ẹ̀méje, á kó 98. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ìdọ́gba nìkan ò tó, ẹni tó bá fojú dì á lè mú èyíkéyìí. Mo bá fi òjò sí i. Tí òjò bá rọ̀, omi á dí ọ̀nà ẹ̀yìn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú ọlọ́kọ̀ títì. Báyìí, ẹ máa kọ́kọ́ wojú ọ̀run kẹ́ ẹ tó yàn. Nígbà tá a tún un ta, márùn-ún mú ọ̀nà ẹ̀yìn, mẹ́ta mú kọ̀ndọ́, wọ́n sì ń bára wọn jiyàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ó ku ibi tá ò tíì fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kéèyàn lè yí i padà nígbàkigbà. Èmi ní ẹ̀ẹ̀kan péré, kó sì san owó. Nígbà tá a wọ SS1, ẹni tó mú sáyẹ́ǹsì fi nǹkan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ronú kó tó mú un. Tí mo bá lè gba ohun tí mo kọ̀ padà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé mo kọ̀ ọ́ lóòótọ́?