Wàrà ọmọdé inú ọ̀rá kò yẹ lọ́jà wa

Owó agolo wàrà ọmọdé wọ́n, a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan fi ń ra èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá lọ́jà. A ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn kò ṣeé gbé lé ọmọ ìkókó lẹ́nu.

Ara agolo ni gbogbo ohun tí a fi ń dá wàrà mọ̀ wà: ọjọ́ tí lílò rẹ̀ yóò parí, oṣù ọmọ tó wà fún, àti nọ́ńbà NAFDAC bí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀rá kò ní ọ̀kankan. Ó lè jẹ́ wàrà àgbàlagbà, tí iyọ̀ àti purotéènì inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín ọmọ oṣù mẹ́ta lè gbé. Ṣíbí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ṣíbí agolo kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ìyá á kàn máa fojú bù ú ni.

Agolo pàápàá, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá ti ha ojú ibi tí ọjọ́ wà, tàbí tí wọ́n lẹ bébà lé e, ẹ dá a padà. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi páálí tó ti yọ ọ́ hàn yín, kí ẹ fi ọjọ́ méjèèjì wéra. Nọ́ńbà NAFDAC nìkan kò tó; ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè dà á kọ. Bí bébà fàdákà abẹ́ ìdérí bá ti ya, ẹ má fún ọmọ.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin lẹ lè ní kí ẹnikẹ́ni má tú agolo tà mọ́.