Ẹ Má Tíì Pe Ọmọ Tó Ń Bá Yín Ṣe POS Lólè

Ká ní ọ̀gá kan ní POS l'Apápá, ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan ló ń bá a jókòó tì í. Mọ́ńdè sí Sátidé, èèyàn 120 ló ń gbowó lójúmọ́; Sọ́ńdè tí ọ́fíìsì tì, 50 péré. Tí ọ̀gá bá ro ọjọ́ méje pọ̀, tó pín in sí méje, 110 ló máa rí. Ni Sọ́ńdè bá di ẹjọ́ olè!

Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ fi wé Sọ́ńdè. Ẹ ro mẹ́rin tó kọjá pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin. Bí tuntun bá wọlé, ẹ yọ èyí tó pẹ́ jù. Bó bá fún yín ní 50, tí tòní ò tó 30, ẹ wá béèrè: ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ ni? Àbí owó wọ́n, bíi ti oṣù Kejì ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ náírà? Ẹ má ro ọjọ́ tó bàjẹ́ yẹn mọ́ ìṣirò o. Á fà á wálẹ̀, olè gidi á wá dé, ẹ ò ní mọ̀.