Ohun Tó Wọ Ẹnu Kí Àlá Tó Dé

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí àlá bá bani lẹ́rù, ọ̀pọ̀ wa a máa wá ọ̀tá kiri. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wọ ẹnu lálẹ́.

Ẹnì kan mu ìgò bíà mẹ́ta ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ọtí tètè gbé e sùn, ó sì dínà mọ́ ìpele oorun tí àlá ti máa ń hàn kedere. Nígbà tí ọtí bá ń kúrò lára lóru, ọpọlọ a gba gbèsè oorun náà padà. Àlá á le, oorun á sì fúyẹ́, ẹni náà á sì máa ta jí. Ẹni tó bá jí láàárín àlá ló sì máa ń rántí rẹ̀ jù.

Oúnjẹ àjẹyó lálẹ́ náà lè mú kí omi kíkan inú ikùn gòkè wá sí ọ̀fun, kó máa jí ènìyàn láàárín àlá.

Ní ti oògùn, ẹ wo ẹfafírẹ́ńsì tí àwọn kan ń lò fún kòkòrò éèdì. Àlá rírorò wà lára ìṣòro tó máa ń fà. Ọ̀rá oúnjẹ ń jẹ́ kí ara gba púpọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a lò ó lórí ikùn òfìfo. Wọ́n tún ní kí a lò ó nígbà tí a bá fẹ́ sùn.

Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o. Ẹ sọ fún dókítà ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn àti ọjọ́ tí àlá náà bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn náà.