Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ Àwá Dé: Ẹ Kọ Àbájáde Ìdánwò t Yín Pé

Ní oṣù tó kọjá, alábòójútó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá orí kẹrin mi padà fún mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí nídìí. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: «Ìdánwò t fi hàn pé ìyàtọ̀ wà (p = 0.000), nítorí náà a fara mọ́ àbá wa.» Mo rò pé àmì ohùn ni mo ṣì fi sí. Wọ́n ní kí n lọ mú tábìlì tí SPSS tẹ̀ jáde wá. Wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ df sí. Iye tó wà níbẹ̀ ni 318.

«Ènìyàn mélòó lo gba ohùn wọn sílẹ̀?»

«Mẹ́jọ ni, mà.»

«Àwọn yòókù ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti wá?»

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde kò ju èyí lọ: ká ní mo ti kọ 318 yẹn sínú gbólóhùn mi, èmi fúnra mi ì bá ti rí àṣìṣe náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kíkọ tí a máa ń kọ p nìkan ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá fáwẹ̀lì /a/ máa ń gùn lórí ohùn ìsàlẹ̀ ju orí ohùn òkè lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ oríṣi méjì-méjì ṣe é: ká àti kà, rá àti rà, wá àti wà, lá àti là. Abẹ́nà ìmọ̀ mẹ́jọ pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà márùn-ún. Ìyẹn jẹ́ ogún ìpè lórí ohùn òkè àti ogún lórí ohùn ìsàlẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 320 ìpè. Mo wọn gbogbo wọn nínú Praat. Iye mìlísẹ́kọ́ńdù tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo tún wọn tò kí ìṣirò lè rọrùn, nítorí iṣẹ́ mi gan-an ṣì wà lọ́dọ̀ alábòójútó. Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni mi ò yí padà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo da 160 ìpè ohùn òkè sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo da 160 ìpè ohùn ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wá ní kí SPSS fi wọ́n wéra bí ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò mọra rí. Ká ní ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdù 8, kí ìfọ́nká ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan (SD) sì jẹ́ 20. t yóò jẹ́ 3.58, p yóò sì jẹ́ nǹkan bí .0004. Nítorí pé nọ́ḿbà mẹ́ta péré ni ẹ̀dà SPSS tí mo lò máa ń kọ lẹ́yìn àmì ìdá, .000 ló kọ. Èmi náà sì dà á kọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n p kì í jẹ́ òdo. Bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, p < .001 là ń kọ. Bí kò bá kéré tó bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ gan-an ni kí a kọ.

Ṣùgbọ́n .000 kọ́ ni olórí ọ̀ràn, 318 ni. Nọ́ḿbà yìí ni ìwọ̀n òmìnira, ìyẹn iye àwọn nǹkan tó ṣì lè yí padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn yòókù. Bí a bá fi ẹgbẹ́ méjì tó dá dúró wéra lọ́nà tí mo gbà ṣe é yìí, a ó ka gbogbo ìpè, a ó yọ méjì kúrò: 320 dín 2 jẹ́ 318. Ohun tí mo ń sọ fún ìdánwò náà ni pé mo ní ẹ̀rí 320 tí kò sí èyí tó bá òmíràn tan. Irọ́ ni. Ẹni tó máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo ogójì ìpè rẹ̀ ni yóò gùn. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá, bákan náà. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹnì kan tó sọ̀rọ̀ nígbà ogójì kò di ogójì ènìyàn. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, ìdánwò náà lè máa pariwo ìyàtọ̀ níbi tí kò sí ju bó ṣe yẹ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Mo wá àárín ogún ìpè ohùn òkè ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo wá àárín ogún ìpè ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì yọ ti òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ, ìyàtọ̀ mẹ́jọ: 12, 5, 18, −4, 9, 14, 2, 8. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 64, àárín wọn sì jẹ́ 8. Ẹ wo bí òmìnira ṣe ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé àárín jẹ́ 8, tí ẹ sì mọ ìyàtọ̀ méje àkọ́kọ́, àpapọ̀ méje yẹn jẹ́ 56, ìkẹjọ kò sì ní ibi tí yóò gbà ju kó jẹ́ 8. Òun nìkan ni kò ní òmìnira. Ìdí nìyẹn tí df fi jẹ́ 7.

Ìfọ́nká ìyàtọ̀ mẹ́jọ náà jẹ́ 6.99. Ẹ pín in pẹ̀lú gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì 8, ẹ ó rí 2.47. Ẹ wá fi 2.47 pín 8, ẹ ó rí t, tí í ṣe 3.24. Nínú R, ìlà kan ló gbà:

```
t.test(low, high, paired = TRUE)
```

R yóò fún yín ní t, df, p àti ààlà tí ìyàtọ̀ náà lè wà láàrin rẹ̀. Kò ní fún yín ní ìwọ̀n ipa. Ẹ̀yin lẹ máa ṣírò ìyẹn:

```
d <- low - high
mean(d) / sd(d)
```

Gbólóhùn tó wà nínú orí kẹrin mi báyìí rí báyìí: «Fáwẹ̀lì /a/ gùn lórí ohùn ìsàlẹ̀ (M = 121, SD = 8.99) ju orí ohùn òkè lọ (M = 113, SD = 14.82). Ìyàtọ̀ àárín jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdù 8, 95% CI [2.16, 13.84], t(7) = 3.24, p = .014, d_z = 1.14.»

Ẹ fi èyí wé ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá rí 7 nínú àkámọ́ yẹn mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ènìyàn mẹ́jọ ni mo lò àti pé mo fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀. Kò nílò láti ṣí orí kẹta. Bí df bá sì jẹ́ 318 nínú iṣẹ́ tí orí kẹta rẹ̀ sọ pé ènìyàn mẹ́jọ ló sọ̀rọ̀, àṣírí ti tú.

p = .014 náà ń sọ ohun tí p < 0.05 kò lè sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan rárá ní tòótọ́, t tó jìnnà sí òdo tó èyí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣì yọ ní nǹkan bí ìgbà 14 nínú 1000. Bí mo bá kọ p < 0.05 nìkan, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá .049 ni tàbí .001. Níbi tí àbájáde kò ti bára mu ló tún burú jù. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ «p > 0.05, kò sí ìyàtọ̀». Ṣùgbọ́n .06 àti .80 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, kò sì sí èyí nínú wọn tó jẹ́ ẹ̀rí pé ìyàtọ̀ kò sí.

Ìwọ̀n ipa ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún jù, nítorí pé ó ní ju ẹyọ kan lọ. d_z tí mo kọ ni pé mo fi ìfọ́nká ìyàtọ̀, 6.99, pín 8. Ó tóbi, nítorí pé bí a bá ti fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàrin ènìyàn sí ènìyàn ti jáde kúrò nínú ìṣirò. Bí mo bá fi àárín ìfọ́nká ohùn méjèèjì pín in dípò rẹ̀, ìyẹn àárín 14.82 àti 8.99, tí í ṣe 11.91, mo máa rí d_av = 0.67. Mìlísẹ́kọ́ńdù 8 kan náà ni o. Ẹni tó bá kọ «d = 1.14» láìsọ irú d tó jẹ́, tí òǹkàwé sì lọ fi wé iṣẹ́ tí ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ti ṣi ẹni ẹlẹ́ni lọ́nà. Ẹ dárúkọ irú d tí ẹ lò. Ẹ sì fi mìlísẹ́kọ́ńdù náà sílẹ̀ nínú gbólóhùn, nítorí pé òun ni onífònẹ́tíìkì lè fojú inú wò.

Gbólóhùn tó pé kò sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Ààlà tèmi bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2, ó sì dé nǹkan bí 14. Ìyẹn fẹ̀ gan-an. Abẹ́nà ìmọ̀ kan tilẹ̀ wà tí tirẹ̀ lọ sódì, −4. Ọ̀rọ̀ oríṣi mẹ́rin péré náà ni mo lò. Láti 1973 ni Herbert Clark ti kìlọ̀ fún àwa onímọ̀ èdè pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọ̀rọ̀ inú èdè, kò tó kí a ṣe ìdánwò lórí ènìyàn nìkan, a gbọ́dọ̀ ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sí àpẹẹrẹ tí a ṣà nínú ọ̀pọ̀. Ìdánwò t mi kò lè ṣe ìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ sínú orí karùn-ún.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa sọ fún mi pé tábìlì SPSS ti wà lẹ́yìn ìwé, kí ló tún kù. Èsì mi ni pé tábìlì tèmi náà wà lẹ́yìn ìwé. 318 wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sì rí i, torí pé n kò fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ rí. Nígbà tí mo ní láti tẹ t, kí n ṣí àkámọ́, kí n sì fi nọ́ḿbà kan sínú rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi léèrè pé ta ni mo ń kà.

Kí ẹ tó fi orí kẹrin yín ránṣẹ́, ẹ ka iye ènìyàn tí ẹ bá ṣiṣẹ́, ẹ wá wo nọ́ḿbà tó wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ t. Bí àwọn méjèèjì kò bá mọ ara wọn, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.