Ẹ má fi VIF pa ìrírí àgbẹ̀ rẹ́

Gbólóhùn kan ti fẹ́ di àṣà nínú orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ bá àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà. Á gba ọjọ́ orí wọn sílẹ̀, á gba iye ọdún tí wọ́n ti ń dáko, iye ọdún tí wọ́n lò nílé ìwé, àti bí oko wọn ṣe tó. Á kó gbogbo rẹ̀ sínú SPSS, á fi ṣe rigirẹ́ṣọ̀n lórí ìkórè. Nígbà tí tébù Coefficients bá jáde, á sáré lọ sí òpó Sig., á rí i pé ti ọjọ́ orí àti ti ìrírí ju .05 lọ, á sì kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ orí àti ìrírí kò ní ipa kankan lórí ìkórè." Tó bá di orí karùn-ún, á gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n má wo ti ìrírí mọ́ bí wọ́n bá ń yan àgbẹ̀ tí wọn yóò fún ní igi ẹ̀gẹ́ tuntun láti gbìn.

Tèmi ni pé tébù náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Òpó VIF tí a máa ń fi ṣẹ̀rí pé kò séwu sì ni àmì tó yẹ kó ti dá wa dúró.

Ẹ wo tébù yìí. Èmi ni mo ṣe àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti ìwádìí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ká ní ọgọ́fà (120) àgbẹ̀ ni, ká sì ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú lọ́dún la fi wọn ìkórè, éékà la fi wọn oko.

```
            B   Std. Error     t    Sig.  Tolerance   VIF
oko       3.100    .210     14.762  .000    .870     1.149
ile_iwe    .012    .031       .387  .699    .815     1.227
ojo_ori    .021    .029       .724  .470    .118     8.475
iriri      .048    .029      1.655  .101    .120     8.333
```

Òpó B ni ká kọ́kọ́ kà, ká sì kà á pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà nídìí rẹ̀. Bí àgbẹ̀ méjì bá dọ́gba lọ́jọ́ orí, ní ìrírí àti ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n tí oko ọ̀kan fi éékà kan ju ti èkejì lọ, a ń retí pé tọ́ọ̀nù 3.1 ni ìkórè onítọ̀hún yóò fi pọ̀ jù. Ìyẹn yéni. Wàyí o, ẹ ka ti ìrírí lọ́nà kan náà: bí àgbẹ̀ méjì bá dọ́gba lọ́jọ́ orí, tí ọ̀kan sì ti fi ọdún kan pẹ́ ju èkejì lọ nídìí iṣẹ́ oko, tọ́ọ̀nù .048 ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Níbo la ti rí àwọn àgbẹ̀ méjì yẹn? Ní Ìrókò tàbí ní Ìjàyè, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta méjì tí ẹ bá bá lóko, lẹ́yìn bàbá wọn ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ìrírí wọn náà dọ́gba. Àwọn tí a fẹ́ fi wéra wọn kò fẹ́ẹ̀ sí nínú ọgọ́fà náà.

Ohun tí Tolerance ń sọ gan-an nìyẹn. SPSS mú ìrírí, ó fi àwọn oníyípadà yòókù gbìyànjú láti sọ iye tó máa jẹ́, ó sì rí i pé ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni òun lè sọ láìbi àgbẹ̀ ní ìbéèrè nípa ìrírí rárá. Èyí tó kù, .120, ni Tolerance. Ẹ fi 1 pín sí .120, ẹ ó rí 8.333, ìyẹn ni VIF. Ìdá méjìlá péré ni ìrírí fi dá dúró, inú ìdá méjìlá yẹn sì ni rigirẹ́ṣọ̀n ti ń wá iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìrírí nìkan.

Iye tí ó ń ná wa wà ní òpó Std. Error. Ẹ wá ìdá onílọ̀ọ́po méjì VIF, ìyẹn ni iye ìgbà tí Std. Error fi tóbi ju bí ì bá ṣe rí lọ ká ní oníyípadà náà dá rìn. Ti 8.333 jẹ́ nǹkan bí 2.89. Ó túmọ̀ sí pé .029 tí ẹ rí yẹn ì bá jẹ́ .010. Ẹ wáá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu pírójẹ́ẹ̀tì: akẹ́kọ̀ọ́ ti kà á pé VIF tí kò bá tó 10 kò léwu, ó wo 8.333, ó kọ ọ́ pé àwọn oníyípadà òun kò rìn pọ̀, ó sì tẹ̀ síwájú láti lé ìrírí jáde nítorí Sig. .101. Std. Error tó ti wú ní ìlọ́po mẹ́ta ló mú Sig. náà ga, mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣe ààlà ni kò jẹ́ kó rí i. Mẹ́wàá yẹn kì í ṣe òfin. Àmúlò lásán ni, àwọn kan tilẹ̀ ń lo 5. Kò sí nọ́ńbà kan tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ lójijì.

Àmì mìíràn tún wà tí a máa ń fò dá. Ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Nínú àpẹẹrẹ yìí, B ti ìrírí á lọ sí nǹkan bí .068, Std. Error á wálẹ̀ sí nǹkan bí .010, t á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7. Ohun tí a ní kò ní ipa kankan wá di ohun tó lágbára jù lẹ́yìn ìwọ̀n oko. Oníyípadà tó bá ń ṣe báyìí bí ẹ bá yọ ẹnìkejì rẹ̀, kì í ṣe aláìlágbára, ìbejì rẹ̀ ló dì í mú.

Àwọn kan á ní ṣé kò ti tán, kí a yọ ọ̀kan. N ò gbà pátápátá. Bí ẹ bá yọ ọjọ́ orí, .068 yẹn kì í ṣe ti ìrírí nìkan mọ́, ó ti gbé ti ọjọ́ orí pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni ẹ ń kà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí a bi SPSS ní ìbéèrè tó lè dáhùn: ṣé àwọn méjèèjì lápapọ̀ ń ṣiṣẹ́ kankan lẹ́yìn tí a ti ka oko àti ilé ìwé sí?

```
REGRESSION
  /STATISTICS COEFF OUTS R ANOVA CHANGE COLLIN TOL
  /DEPENDENT ikore
  /METHOD=ENTER oko ile_iwe
  /METHOD=ENTER ojo_ori iriri.
```

Inú tébù Model Summary ni ìdáhùn wà, ní ìlà kejì, lábẹ́ Sig. F Change. Nínú àpẹẹrẹ wa, F Change á tó nǹkan bíi 23, Sig. rẹ̀ á sì jẹ́ .000 (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé òdo ni, ó kéré sí .001 ni). Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ láìpurọ́ nìyí: ọjọ́ orí àti ìrírí lápapọ̀ ní ipa lórí ìkórè, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tí a bá sọ̀rọ̀ kò jẹ́ ká lè pín ipa náà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìgbà mìíràn, ìrìnpọ̀ náà máa ń pé pérépéré. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí, iye ọdún lóko àti ọjọ́ orí tí àgbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sínú àyẹ̀wò kan náà á rí i pé SPSS ti gbé ọ̀kan lọ sí tébù Excluded Variables, tí Tolerance rẹ̀ sì jẹ́ .000, nítorí pé bí ẹ bá ro méjì pọ̀ tàbí tí ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ẹ ó rí ẹ̀kẹta. Bákan náà ni ti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpó 0 àti 1 tirẹ̀. Ẹni tí kò sí ní mẹ́ta, ó ti wà ní ẹ̀kẹrin. Bí SPSS bá yọ Ọ̀nà-Àrà, B ti Lágelú kì í ṣe ti Lágelú lásán, bí Lágelú ṣe yàtọ̀ sí Ọ̀nà-Àrà ni. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ yan èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀, kó má jẹ́ pé SPSS ló bá yín yàn án.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni oko, níbi tí a ti gba nọ́ńbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà àgbẹ̀ ni kò ní ìwé ìbí. Ní agbègbè Àkànràn, ẹ lè gbọ́ ẹni tó máa sọ pé ọdún Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n bí òun, ìyẹn 1968 sí 1969, ọjọ́ orí rẹ̀ á sì yé yín dáadáa. Ó kan ti ìrírí.

"Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń dáko?"

"Láti kékeré ni, ọmọ mi. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo ń tọ̀ lọ sóko."

Kí ni olùbéèrè máa kọ? Oòrùn ti mú, ìwé ìbéèrè mẹ́jọ ṣì wà nínú báàgì. Á yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú ọjọ́ orí bàbá, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Iye ọdún lóko ti di ọjọ́ orí tí a yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò lára rẹ̀. Kò sí ohun tí àgbẹ̀ sọ nínú nọ́ńbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni rigirẹ́ṣọ̀n kò lè rí ohun tí a kò bi í. Ìbéèrè tó sàn ni: "Ọdún wo lẹ kọ́kọ́ ní oko tiyín, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ta èrè rẹ̀?" Àwọn kan á ní ogún ọdún, àwọn kan á ní ọgbọ̀n, nítorí pé bàbá kì í tètè pín ilẹ̀ fún gbogbo ọmọ nígbà kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àwọn tó dé oko lẹ́yìn ọjọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó padà sí Lálúpọn láti gbin ẹ̀gẹ́. Awakọ̀ tó ta mọ́tò rẹ̀, tó gba ilẹ̀ ní Ẹ̀rúnmú. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n, ìrírí ọdún márùn-ún péré ni wọ́n ní, àwọn ni wọ́n ń ya ìbejì náà sọ́tọ̀. Bí a bá sọ pé iye àgbẹ̀ lásán la máa fi borí VIF 8.333, a ní láti sọ 120 di 1,000 ká tó lè dín Std. Error kù dé .010. Owó mọ́tò kò ní gbà á. Ọgbọ̀n tàbí ogójì àgbẹ̀ irú àwọn wọ̀nyí nínú ọgọ́fà náà máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, bí a bá ti fi wọ́n sínú ètò ká tó kúrò ní Ìbàdàn, tí a sì sọ ọ́ nínú orí kẹta pé ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ wá wọn.